Ṣé afọ́jú làwọn ọmọ náà ni?

Iná lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò rọ̀ lé páànù títí di ọ̀sán, mo fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, mi ò sì dé Lágere tí mo ní mo fẹ́ lọ. Ìyẹn lòní. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ.

Wọn ò sì bá mi sọ ọ́ o. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, èmi ń gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná fún eré àwòrán Ìjàpá tí èmi àti àbúrò mi ń ṣe fún àwọn ọmọdé, àwọn àwòrán tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sì ń tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fóònù. Màmá yọjú wò ó díẹ̀, wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn, wọ́n wá sọ fún ẹ̀wà náà pé: "Ṣé afọ́jú làwọn ọmọ náà ni?"

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ìran kẹrin ni, ti ìdí ọ̀pẹ. Ẹ ti mọ ìtàn náà: Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ lọ gbé e kọ́ orí ọ̀pẹ, ó so ó mọ́ àyà, kò rí igi gùn, Ìgbín ló kọjá tó ní kó gbé e sẹ́yìn. (Àwọn kan ní ọdẹ ni. Ìgbín ni wọ́n fi pa á fún mi, Ìgbín ni mo gbà.) Báyìí ni mo ṣe kọ ìran yẹn ní oṣù tó kọjá:

"Ìjàpá dúró ní ìdí ọ̀pẹ. Ó mọ̀ pé òun ti gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbìyànjú láti gun igi náà lọ́pọ̀ ìgbà."

Ohùn mi wá ń sọ lókè rẹ̀ pé Ìjàpá dé ìdí ọ̀pẹ, ó gbé akèrègbè sáyà, ó fẹ́ gùn ún, ó yọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Gbogbo ohun tó wà lójú fóònù gan-an! Ṣé afọ́jú ni wọ́n ni?

Àbúrò ti kígbe sí ìran yìí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ ya 'ó mọ̀'? Kí ni kí n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe? Lọ́pọ̀ ìgbà yẹn ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni?" Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àṣé òótọ́ ni. Àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú ojú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun a máa ya 12, á jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá kàn ju "lọ́pọ̀ ìgbà" sílẹ̀, tí ohùn mi sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 10 láti ròyìn ìṣubú, àwòrán 120 ni mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ yà. Owó tí a fi ń ṣe é náà sì nìyẹn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà.

Mo tún un kọ lọ́sàn-án yìí, pẹ̀lú ìbínú:

"Ìran 4. Ìdí ọ̀pẹ, ọ̀sán. Akèrègbè so mọ́ àyà Ìjàpá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí igi. Akèrègbè kọ́kọ́ kan igi: kò! Ọwọ́ ò tó o. Ó tún ṣe é: kò! Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sáré wá láti òkèèrè. KÒ! Ó dojú sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà lókè. Ìgbín ń gun ọ̀pẹ náà lọ jẹ́ẹ́, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjàpá wo ẹ̀yìn Ìgbín. Ó wo akèrègbè. Ó tún wo ẹ̀yìn Ìgbín."

Ohùn: "Ìgbín ń kọjá lọ." Ó tán.

Mo jókòó tì í. Ìgbín tí mo ti ń fún ní ọ̀rọ̀ sọ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọ ọ́! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún Màmá. Mo fi àyè ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí orin. Àbúrò ní ìyẹn ò wọ́n, àwòrán kan ló máa dúró síbẹ̀, kí Ìjàpá ṣáà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn òbí má rò pé dátà ló tán. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí akèrègbè má ṣe pupa-rúsúrúsú bíi tẹ́lẹ̀. Tó bá gun ẹ̀yìn Ìjàpá, òbìrìkìtì lórí òbìrìkìtì, àwọ̀ kan náà, ojú ọmọdé ò ní yà á sọ́tọ̀ lára igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Yẹ́lò ni a fi ṣe é. Ó sì tún ní kí n kọ okùn sí i, nítorí kò sí bí nǹkan roboto ṣe máa dúró lórí nǹkan roboto láìsí okùn.

Ó yẹ kí inú mi ṣì dùn.

Àmọ́ mo fẹ́ràn ohùn mi. Kí n má parọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n sọ báyìí, bí ẹni tó ń bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ létí, kì í ṣe bí ẹni tó ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá pariwo, ó ti di ìkéde. Tí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ gùn jù kó lè dùn, igbá á di ìgbà. Gbogbo ìyẹn ni mo kọ́, mo wá ń gé e sọnù nítorí ẹ̀wà…

Bó sì tún ṣe rí nìyí. Nírọ̀lẹ́, ìyá tó wà lójúlé kejì ń dirun fún ọmọ rẹ̀ ní bàráńdà. Mo ní kí wọ́n wò ó fún mi. Wò ó kẹ̀! Orí ọmọ wà láàárín itan ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, fóònù wà lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo "kò!" yẹn pa á lẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta wá dé. Ọmọ náà fẹ́ gbé orí, ìyá tẹ̀ ẹ́ padà. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́?"

Màmá, ẹ ò rí i? Afọ́jú wà níbẹ̀! Ẹni tí wọ́n ń dirun fún, afọ́jú ni. Ẹni tí fóònù ìyá rẹ̀ ti fọ́ lójú, afọ́jú ni.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n dá ọ̀rọ̀ mi padà. Rárá. Bóyá gbólóhùn kan. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo wá kọ "Hùn-ún?" sí àárín àyè yẹn, ohùn Ìjàpá ni, kì í ṣe tèmi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó bá wo akèrègbè.

Mo fẹ́ lọ gbé e sí Màmá létí, wọ́n ti sùn. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù, kò tíì rọ̀.