Òwe tí mo gé dànù nínú spíìṣì Bàbá Alága

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àgbà kọ spíìṣì, ẹ gbọ́ eléyìí. Bàbá alága àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Ayétòrò, Òṣogbo níbí, gbé ìwé wọn fún mi pé kí n bá wọn gé e. Ìṣẹ́jú 12 ló gbà mí nígbà tí mo kà á sókè, ìṣẹ́jú 5 péré sì ni wọ́n fún wọn, òwe inú ẹ̀ jẹ́ 11. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ò ju pé ká fi owó pátì ìparí ọdún tún gọ́tà tó dí ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ẹ, kí àwọn onílé dáwó sìmẹ́ǹtì.

Mo fa ìlà sábẹ́ òwe kọ̀ọ̀kan, mo wá ń bi ara mi pé tí eléyìí bá kúrò, kí làwọn èèyàn ò ní gbọ́ mọ́? "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀" tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan, mo yọ ọ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo rí "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" àti "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè", mo ní ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan náà ni méjèèjì, mo yọ èyí tó gùn, mo jẹ́ kí èyí tó kúrú wà níbẹ̀. Irọ́ o! Àgbájọ kàn ní ká para pọ̀ ni, pẹpẹ àti akèrègbè ló pín iṣẹ́: ọ̀dọ́ ló lè wọ abẹ́ gọ́tà tó há, àgbà ni ọwọ́ ẹ̀ tó owó. Èyí tó burú jù, mo gbàgbé pé nísàlẹ̀ Bàbá ṣì ń sọ pé "ẹ̀yin tọ́wọ́ yín tó pẹpẹ, ẹ mówó sìmẹ́ǹtì wá". Ìgbà tí wọ́n ń kà á dánra wò ní pálọ̀, ìyàwó wọn bi wọ́n pé, "Pẹpẹ wo nìyẹn, Bàbá?" Ojú tì mí. Látọjọ́ náà, kí n tó yọ òwe kan, màá kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n tún ti dárúkọ nǹkan inú ẹ̀ níwájú. Mo dá òwe pẹpẹ padà, mo yọ Àgbájọ.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá" ní tiẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, àlàyé ìlà mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni mo gé, ó wá ku "gọ́tà lẹ̀tẹ̀ wa, pátì ni làpálàpá" nìkan. Ṣùgbọ́n mo gbé e kúrò lókè wá sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti dárúkọ pátì, torí kò sẹ́ni tó máa mọ làpálàpá tí wọn ò bá tíì gbọ́ pátì.

"Tótó ó ṣe bí òwe" ńkọ́? Àwọn tó ju Bàbá lọ máa wà níjokòó, a ò lè yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi sílẹ̀, lẹ́yìn òwe àkọ́kọ́, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ làwọn àgbà á máa dáhùn pé "wàá rí òmíràn pa", àsìkò sì ń lọ.

Ọjọ́ ìpàdé pé, Bàbá gba máíkì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀".