Ẹ má ra ìkòkò ní sẹ́ẹ̀tì o: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí nọnsítìkì, prẹ́ṣọ̀ kúkà àti alumíníọ̀mù

Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, torí náà ẹni tó bá ń ṣègbéyàwó nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n máa ń fà lọ sọ́jà láti báwọn yan ìkòkò. Èyí tá a ṣe kẹ́yìn, ìyàwó àbúrò mi ni, a lọ sí Dùgbẹ̀, ojú ẹ̀ sì ti wà lára sẹ́ẹ̀tì nọnsítìkì kan nínú páálí, ìkòkò ńlá, ìkòkò kékeré, páànù, gbogbo ẹ̀ aláwọ̀ kan náà, ó rẹwà lóòótọ́. Mo ní ká fi sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìkòkò ọbẹ̀ nọnsítìkì ṣe? Omi àti òróró wà nínú ọbẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́kòkò téèyàn bá ń rò ó. Ẹyin àti ẹja ló ń lẹ̀, páànù kan ṣoṣo ló sì wúlò fún ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra páànù ọ̀hún, ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ẹ̀. Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ àwọ̀ dúdú yẹn, èyí tó bá fúyẹ́ bíi bébà, iná gáàsì á tẹ̀ ẹ́, àárín ẹ̀ á wú sókè, òróró á máa sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé rúlà tàbí etí káàdì lé ìdí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní tuntun, ẹ dá a padà. Ẹni tó ń tà á ní, "Àǹtí, kò ní májèlé o, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí PFOA." Òótọ́ ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n PFOA yẹn, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò níléeṣẹ́ láti fi ṣe àwọ̀ náà ni, àwọn iléeṣẹ́ ńlá l'Amẹ́ríkà sì ti jáwọ́ nínú ẹ̀ nígbà tó fi máa di 2015. Àwọ̀ tó ń yọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, PTFE, ó ṣì wà níbẹ̀, iná ni ọ̀tá ẹ̀.

Tí páànù bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 260°C, àwọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tó bá wá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín á jáde lára ẹ̀, èéfín yẹn ń pa ẹyẹ inú àgò, ó sì lè fún èèyàn ní ibà àti ikọ́ fún bí ọjọ́ kan. Páànù òfìfo lórí iná gáàsì tó le, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni á fi débẹ̀. Ẹ wá ronú wo bí a ṣe ń jó epo pupa fún ayamásẹ̀ títí àwọ̀ ẹ̀ á fi ṣí, tí ilé á kún fún èéfín, ṣé nínú nọnsítìkì lèèyàn á ti ṣe ìyẹn? Rárá o. Ẹ̀rún dúdú tó bọ́ sínú ẹyin tí èèyàn ṣèèṣì gbé mì kọ́ ló yẹ ká máa bẹ̀rù jù, ó máa ń gba inú kọjá ni, èéfín ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì kò ní PTFE nínú, kò sì ní irú èéfín yẹn, àmọ́ kì í yọ̀ pẹ́, láàárín ọdún kan sí méjì ẹyin á ti máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Alumíníọ̀mù ni mo fẹ́ ká dúró lé dáadáa, torí òun ló wà nílé gbogbo wa. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ níléeṣẹ́, àti èyí tó nípọn tí wọ́n yọ́ irin dà, irú èyí tí wọ́n mọ Ṣakí mọ́. Mo fẹ́ràn ìkòkò adàyọ́ yẹn, mi ò ní purọ́, iná kì í tètè jó o, ó sì lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ibi tó ti ṣòro ni irin tí wọ́n yọ́. Àgólò, ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀ àlòkù, oríṣiríṣi ló ń bọ́ sínú iná yẹn, òjé sì lè bá a wọlé. Àwọn onímọ̀ kan dán irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láti Kamẹrúùnù wò, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n rí òjé tó ń yọ́ sínú oúnjẹ. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́ jù, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè fojú rí i, dídán ìkòkò ò sọ nǹkan kan, síse omi dànù nínú ẹ̀ náà ò sì lè yọ ọ́ kúrò.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ kó tiyín dànù. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń yan iṣẹ́ fún un: iṣu, ìrẹsì funfun, omi gbígbóná. Ata àti tòmátì máa ń kan, ògì náà sì máa ń kan, mi ò ní sè wọ́n níbẹ̀, torí pé ohun tó kan máa ń jẹ alumíníọ̀mù, pàápàá tó bá sùn sínú ẹ̀ mọ́jú. Kaún náà ń jẹ ẹ́, ẹ wo ìkòkò tá a ti fi kaún se ewédú, bí inú ẹ̀ ṣe máa ń dúdú. Dúdú díẹ̀ tí omi ń fi sínú ìkòkò kì í ṣe wàhálà, ó tiẹ̀ ń bo irin náà ni, ẹ má fi kànìnkànìn onírin àti yanrìn ha á lójoojúmọ́ nítorí kó lè máa dán, ìkòkò lẹ̀ ń bó láwọ̀ yẹn. Ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ lẹ máa ṣọ́. Tó bá ti pọ̀ nínú ìkòkò, ó ti ń lọ nìyẹn.

Prẹ́ṣọ̀ kúkà wá ńkọ́? Sítéńléèsì ni mo ní kí ìyàwó àbúrò mi mú, torí ẹ̀wà àti ẹran alátá ló máa sè. Ooru tí wọ́n há mọ́nú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi gbóná dé bíi 121°C dípò 100°C, ìdí nìyẹn tí ẹran líle fi ń tètè rọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yọ rọ́bà ìdérí, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kó rọ̀, kó má sán. Ẹ gbé ìdérí sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ fojú kan yọ inú ihò tí ooru ń gbà jáde, kẹ́ ẹ rí ojú ọ̀run. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á léèrè: "Ṣé ẹ ní rọ́bà ẹ̀ lọ́tọ̀?" Tí ò bá ní, tí kò sì mọ ibi tá a ti lè rí i, ẹ fi sílẹ̀, torí rọ́bà yẹn á le láàárín ọdún kan sí méjì, ooru á máa gba etí ìdérí jáde, ìkòkò ò ní lágbára mọ́.

Nílé, omi nìkan lẹ máa kọ́kọ́ sè nínú ẹ̀. Tí ooru bá ń yọ létí ìdérí, rọ́bà ni. Tí iná bá le, tó pẹ́, tí irin kékeré orí ẹ̀ ò sì súfèé, tí kò sí ooru kankan tó jáde, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ jìnnà sí i títí á fi tutù, torí ó ṣeé ṣe kí ihò ti dí. Ẹ̀wà ló sábà máa ń dí i, ìfófó àti èèpo ẹ̀, nítorí náà ẹ̀wà pẹ̀lú omi ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Ẹ má sì fipá ṣí i o, ẹ dúró títí tẹ́ ẹ bá gbé irin yẹn sókè tí kò ní dún "ṣìì" mọ́.

Páànù kan, prẹ́ṣọ̀ kúkà kan àti ìkòkò adàyọ́ kan la gbé kúrò ní Dùgbẹ̀. Ẹni tówó ẹ̀ ò bá tó mẹ́ta, prẹ́ṣọ̀ kúkà onísítéńléèsì ni kó kọ́kọ́ rà: tẹ́ ẹ bá ti yọ ìdérí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ ni, tòmátì ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan.