Ẹ yí ẹ̀yìn rímù yẹn wò kẹ́ ẹ tó tún táyà fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò lójú títì tiwa yìí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń ká mi lára. Tí táyà kan bá ń jò tí fọkanáísà wá ìṣó títí tí ò rí i, tó fẹ́ ẹ tán tó ní "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, ẹ máa lọ", ẹ má tíì lọ. Ẹ ní kó dojú táyà yẹn délẹ̀, kí ẹ̀yìn rímù wá sókè, ìyẹn apá tó máa ń kọjú sí abẹ́ mọ́tò tá a kì í rí, kó wá da omi ọṣẹ sí i yíká. Màá tún un sọ níwájú, màá sì tún un sọ lẹ́yìn, ẹ má bínú sí mi.

Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni tèmi. Kòrólà ni mọ́tò náà, rímù alúmínìọ́mù ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, 32 ni mo máa ń fẹ́ ẹ sí. Tí mo bá fẹ́ ẹ lálẹ́, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ó ti di 26, nígbà míì 24, àwọn mẹ́ta tó kù wà digbí. Ọ̀kan nínú àwọn fọkanáísà ní ọyẹ́ ni. Lóòótọ́ òtútù máa ń fa atẹ́gùn táyà wálẹ̀, àmọ́ tí òru bá fi ìwọ̀n Sẹ́lsíọ́sì 10 tutù ju ọ̀sán lọ, nǹkan bíi 2 péré ló máa ń yọ lórí géèjì, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì máa ń yọ lára wọn. Ọyẹ́ wo ló ń mú ẹsẹ̀ kan tó fi mẹ́ta sílẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí mọ́tò nílẹ̀, torí táyà tó ti sáré ti gbóná, ohun tí géèjì bá sọ nígbà yẹn kì í ṣe òótọ́ pátá.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tú táyà, wọ́n á gbé e sínú bàsíà omi dúdú yẹn, wọ́n á máa yí i, ojú ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, torí ibẹ̀ ni ìṣó máa ń gún. Tí omi ò bá hó, wọ́n á fọwọ́ gbá a pà, ó ti tán nìyẹn. Omi bàsíà yẹn kì í dé àárín rímù dáadáa, àti pé nígbà tí wọ́n ń wò ó, táyà yẹn ti rọ̀ dé 20 àti díẹ̀, kò ní agbára tó máa fi ti atẹ́gùn gba ibi tó tín-ín-rín. Èyí tó wá burú jù ni pé mọ́tò ò sí lórí ẹ̀ mọ́. Ibi tó là lára rímù, ìwúwo mọ́tò ló ń ṣí i, tẹ́ ẹ bá ti tú u sílẹ̀ ó lè padé kó má mí rárá. Ẹ wá rí i pé fọkanáísà yẹn ò purọ́, kò kàn wo ibi tó yẹ ni.

Ó wá di Sátidé kan, mò ń ti Ìbàdàn bọ̀ l'Ékòó, ìyá ọkọ mi wà níwájú, ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn. Wọ́n ti fẹ́ táyà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n tún ti wá ìṣó ẹ̀ tì, ẹ má wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé e jáde, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe nígbà tí ẹni tó mọṣẹ́ ní kí n máa lọ? A kọjá Ògùnmákin, ó ku díẹ̀ ká dé Ògèrè, ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn tírélà ni. Ó tún ṣe é. Mo wá ń gbọ́ gbù-gbù-gbù lábẹ́, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú mọ́tò, mo rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń mú mọ́tò sáré, mi ò tẹ bíréèkì líle, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró rí létí ọ̀nà yẹn nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo tírélà tó bá kọjá ló ń mi mọ́tò. Mo fọwọ́ kan táyà, mo yára gbé e kúrò, ó gbóná bùrúkú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti sán yíká. Mo fi jáàkì sábẹ́, iyanrìn ni ibẹ̀, dípò kí mọ́tò gòkè, jáàkì ló ń wọlẹ̀. Ọmọ ti jí, ó ń sunkún. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí koríko lọ́hùn-ún, wọ́n pè mí, "Ìyá Tọ́lá, táyà tí ò ní ìṣó tó ń jò yìí, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ta nǹkan sí i?" Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbájú mọ́ jáàkì ná." Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, lásìkò yẹn ẹ̀rù ba èmi náà, nítorí kí la tún fẹ́ pè é? Mo gbé àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta sẹ́yìn mọ́tò, mo tan gbogbo iná tó ń ṣẹ́jú, síbẹ̀ mọ́tò kan tún fẹ́ gbá wa, ó yà bàrá, ó fọn fèrè tó gùn, ó sì bú mi. Ọpẹ́lọpẹ́ dírẹ́bà akẹ́rù kan tó dúró, ó yọ pákó kan wá látẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ jáàkì, ìyẹn ni mọ́tò fi gòkè. A fi èsítírà sí i, a délé. Pákó yẹn ti wà nínú búùtù mi báyìí o.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ bá bàbá fọkanáísà kan ládùúgbò ọ̀rẹ́ mi. Bàbá ò fi bàsíà ṣe nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ ẹ sí 40 kó lè ní agbára, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn pé ó lè gba 44, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó dán an wò o, wọ́n sì ní kí n jìnnà díẹ̀ torí táyà tó ti rìn láìní atẹ́gùn kì í ṣe ohun tèèyàn ń dojú kọ. Wọ́n fi itọ́ sórí ìka, wọ́n fi bo ẹnu nọ́sù, kò wú. Wọ́n tẹ nọ́sù sí ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí òsì, wọ́n ń wo ìdí ẹ̀ bóyá rọ́bà ẹ̀ ti sán, kò sán. Wọ́n po omi ọṣẹ, wọ́n fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn ún sí etí táyà níbi tó ti pàdé rímù, lápá iwájú, kò sí nǹkan. Wọ́n wá dojú ẹ̀ délẹ̀. Wọ́n kùn ún lẹ́yìn, wọ́n jókòó, wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo ti fẹ́ ní kò sí, ìgbà náà ni ìfófòó funfun kan rọra ń yọ bíi ti ẹmu àárọ̀, kì í ṣe pé ó ń hó o, ó kàn ń kóra jọ sójú kan lára alúmínìọ́mù fúnra ẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí etí táyà jókòó sí. Bàbá nù ún, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n fi èékánná wọ́ ọ. Èékánná mi há. Ojú mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ìgbà tá a gbé e síta sínú oòrùn ni mo tó rí i pé rímù ti là níbẹ̀.

Kòtò ló fà á. Apá inú rímù ni kò nípọn tó ti iwájú, òun ló sì máa ń là tí táyà bá já sí kòtò, apá iwájú tá à ń nù á máa dán lọ ní tiẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ dojú táyà délẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi túùbù sínú ẹ̀. Wọ́n fi lọ̀ mí, "ẹ jẹ́ ká kàn ki túùbù bọ̀ ọ́", ẹni tó sọ ọ́ ò ní èrò burúkú, àmọ́ túùbù á bo jíjò náà mọ́lẹ̀ ni, rímù á máa là lọ, túùbù á sì máa ha ara táyà tí wọn ò ṣe fún un, yóò gbóná, tó bá sì bẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa bẹ́. Gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ń fún sínú táyà náà, ojú ibi tó ń tẹ ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má gbára lé e fún rímù tó là.

Ẹni tí tiẹ̀ bá wá jẹ́ nọ́sù, tiẹ̀ rọrùn. Tí itọ́ bá wú lẹ́nu ẹ̀, kí wọ́n fún pín-ìn-nì inú ẹ̀ le tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ ìdí ẹ̀ ló ń mí, wọ́n gbọ́dọ̀ tú táyà kí wọ́n fi nọ́sù tuntun sí i. Tó bá jẹ́ etí táyà ló ń fófòó yíká, kí wọ́n tú u, ẹ máa rí ìyẹ̀fun funfun lára alúmínìọ́mù tàbí ìpẹtà lára rímù onírin, kí wọ́n fi sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí wọ́n má fi gírísì rọ́pò híha. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbà pé etí táyà ni, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn rímù? Torí bí ibi tó là yẹn bá sún mọ́ etí, ìfófòó á jáde létí, ẹ óò ha rímù títí, táyà á tún jò.

Wẹ́dà kan ní òun lè jó rímù mi pa pọ̀, ó ní ọ̀pọ̀ ló ń jó o. Mo mọ̀ pé wọ́n ń jó o, ẹlòmíì sì fi ń rìn. Èmi kọ̀ ọ́, nítorí iná wẹ́dà máa ń sọ alúmínìọ́mù ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di èyí tí ò lágbára mọ́, mo sì ní ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé lára ọ̀pá rímù tàbí nítòsí ihò nọ́ọ̀tì ló ti là, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wẹ́dà yẹn bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Táyà náà lọ, torí nígbà tí bàbá tú u, ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú ló dà sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti jẹra látinú nígbà tí mo fi ń sáré láìní atẹ́gùn, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i.

Rímù tòkunbọ̀ ni mo rà. Ihò nọ́ọ̀tì kan náà ò ní kí rímù bá mọ́tò yín mu o, ẹ gbé tiyín lọ fi wọ̀n. Ẹ yí i nílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ fi èékánná wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ yíká, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà fàdákà tuntun kùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ojú ibi tí wẹ́dà ti jó pamọ́. Ẹni tó ta tèmi ní "Àǹtí, ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní mo fọkàn tán yín, sà, ẹ bá mi fi táyà sí i, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sì bù omi ọṣẹ wá kí n tó sanwó.