Ìtìjú ni mo fi ń kàwé, mo rò pé ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ni: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú ẹ̀ báyìí tí wọn ò sì mọ̀. Mo gba máàkì 68 nínú kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì kan, inú mi dùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi ọkùnrin ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, ó dún ṣààà, ìfóòfó yọ síta, ló bá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni gáàsì yìí wà tẹ́lẹ̀? Mo wo inú ìgò yìí kí n tó ṣí i, n ò rí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ìbéèrè yẹn gan-an wà lára ohun tí wọ́n fi dán mi wò. Mo ti kọ òfin Le Chatelier sínú ìwé ìdánwò láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, pé tí nǹkan bá ti wà ní ìdọ́gba tí èèyàn wá dà á rú, ó máa yí sí apá tó máa dín ohun tó dà á rú yẹn kù. Mo sọ gbólóhùn yẹn fún un gẹ́lẹ́ bí mo ṣe há a sórí. Ó ní, “Ẹn-ẹ́n, gáàsì yẹn wá ńkọ́?” N ò rí èsì fọ̀. Mo mọ òfin, n ò mọ̀ pé ìgò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn ni òfin ọ̀hún ń sọ.

Ó dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan, torí kì í ṣe pé n ò kàwé, aago méjì òru máa ń bá mi lórí ìwé. Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé kí ló ń jí mi dìde láti kà á gan-an. Ẹnikẹ́ni ò fi ẹgba dúró tì mí, ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí ẹ̀bùn kankan fún mi, torí náà mo ti gbà pé ìwúrí àtinúwá ni tèmi, pé ìgbádùn ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ ló ń jí mi dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣe ipò kìíní nígbà tiẹ̀, látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ létí mi, nígbà tó wá yá wọn ò tún nílò láti sọ ọ́ mọ́, èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi. Tí mo bá jókòó sídìí ìwé, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé “tí mo bá fèìlì, kí ni mo jẹ́?” Ohùn yẹn wà nínú mi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tèmi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Tíọ́rì kan wà tó ń ṣàlàyé ohun tó ń mú kí èèyàn ṣe nǹkan, self-determination theory ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn méjì ló gbé e kalẹ̀, Edward Deci àti Richard Ryan ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa Deci ni ìwádìí tó gbé jáde ní 1971: ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ègé kan tí wọ́n máa ń tò pọ̀ di oríṣiríṣi àwòrán, eré tó ń gbádùn mọ́ wọn. Nígbà tó di ìjókòó kejì, ó san dọ́là 1 fún apá kan nínú wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tò yọrí, kò san nǹkan kan fún àwọn yòókù. Ní ìjókòó kẹta kò sówó mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá fún ìṣẹ́jú 8, ìwé ìròyìn wà níbẹ̀ tí wọ́n lè kà, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn tó ti gbowó ni ìtò yẹn wá sú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ẹ̀bùn ò dáa fún ẹ̀kọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí èèyàn ò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ẹ̀bùn ò lè ba ìfẹ́ ẹ̀ jẹ́ torí kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bùn òjijì tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí ẹ̀ kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Èyí tó kàn mí ju ìyẹn lọ ni pé Deci àti Ryan ò gbà pé gbogbo ìwúrí tí kì í ṣe àtinúwá ló jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n tò ó bí àkàsọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kéèyàn ṣe nǹkan torí ẹ̀bùn tàbí torí ìyà. Lókè ẹ̀ ni èyí tí mo máa ń pè ní gbígbé mì láìjẹ: o ti gbé ohùn àwọn ẹlòmíì mì odindi, ìtìjú àti ìgbéraga ló wá ń lé ọ. Lókè ìyẹn ni kí ìwọ fúnra rẹ rí ìwúlò nǹkan náà kí o sì fọwọ́ sí i, kódà tí kò bá dùn mọ́ ọ. Ìgbádùn nǹkan náà fúnra ẹ̀ wá ni ìwúrí àtinúwá. (Wọ́n ṣì pín in ju báyìí lọ, àmọ́ mẹ́rin yìí tó wa.)

Ohun tó jẹ́ kí gbígbé mì láìjẹ ṣòroó dá mọ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ryan àti Connell ṣe ìwádìí kan láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó jáde ní 1989: àwọn tí ìtìjú ń lé àti àwọn tó rí ìwúlò ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gbìyànjú dáadáa. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn wọn tí ẹ̀ ń wò wọ́n, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Àmọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ni àìbalẹ̀ ọkàn pọ̀ lára wọn, tí wọ́n bá sì fìdí rẹmi ni ìyàtọ̀ á hàn, torí wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa gbà á.

Ti ìgò ẹlẹ́rìndòdò yẹn náà ní àlàyé. Ní 1987, Grolnick àti Ryan fún àwọn ọmọ kan ní ìwé kà, wọ́n sọ fún apá kan pé wọ́n máa fún wọn ní máàkì lórí ẹ̀, wọ́n sọ fún apá kejì pé kí wọ́n kà á ṣáá, pé àwọn kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa rántí ni, kò sí máàkì. Àwọn tí máàkì wà lórí wọn náà rántí ọ̀rọ̀ inú ìwé o, àmọ́ ìtumọ̀ ẹ̀ ò yé wọn tó bó ṣe yé àwọn kejì, nígbà tí wọ́n sì padà bi wọ́n ní bí ọjọ́ 8 lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n há sórí yẹn gan-an ti ń sá lọ kíákíá ju ti àwọn kejì. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mo dákẹ́, torí ọ̀sẹ̀ kan gééré náà ni tèmi.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó ṣíwèé, mo máa ń kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn nóòtù mi: “Mò ń ka èyí báyìí torí pé…” mo sì fi dandan lé e pé n ò ní purọ́. Mo jókòó ní ìgbà 14, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ló jẹ́ “kí wọ́n má bàa sọ pé”, “mi ò gbọ́dọ̀”, “ojú á tì mí tí”. Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Tí “wọ́n” àti “gbọ́dọ̀” bá kún inú ìdí tẹ́ ẹ fi ń kàwé, tí ara sì ń tù yín lẹ́yìn kíkà torí pé ẹ̀rù lọ, tí kì í ṣe torí pé nǹkan yé yín, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà lórí àkàsọ̀ yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe ń gòkè? Kì í ṣe nípa fífi agbára mú ara ẹni láti fẹ́ràn ẹ̀. Ní 1994, Deci àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kan tó súni pátápátá, kí wọ́n máa tẹ kọ̀ǹpútà nígbàkigbà tí iná kékeré bá yọ lójú ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń fi kún un tàbí kí wọ́n yọ kúrò: kí wọ́n sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi wúlò, kí wọ́n gbà pé ó súni lóòótọ́, kí wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ tó fi ẹni náà sípò ẹni tó ń yàn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún. Àwọn tó rí méjì tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà ló gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Lára àwọn tó rí ẹyọ kan tàbí tí ò rí nǹkan kan, àwọn kan ṣì padà sídìí iṣẹ́ náà o, àmọ́ inú wọn ò bá a lọ, gbígbé mì láìjẹ ni.

Mo wá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara mi. Mo wá ìdí tó jẹ́ tèmi: iṣẹ́ yíyẹ omi mímu wò ni mo fẹ́ ṣe, kò sì sí bí mo ṣe máa ṣe é láìmọ bí nǹkan ṣe ń yòrò àti bó ṣe ń jáde kúrò nínú omi. Ìdí tó jìnnà bíi “kí n lè ṣàṣeyọrí láyé” ò ṣiṣẹ́, mo gbìyànjú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kan orí tí mo ń kà lọ́jọ́ yẹn. Èkejì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídọ́gba ìwọ̀n kẹ́míkà yìí sú mi, láìbá ara mi wí. Ẹ̀kẹta, olùkọ́ ló yan ohun tá a máa kà, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń yan èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe àti ìgbà tí màá dúró. Mo tún rí ọ̀rẹ́ kan tí mo lè sọ “kò yé mi” lójú ẹ̀. Èyí ò kéré rárá, torí tíọ́rì yẹn sọ pé ohun mẹ́ta lọkàn èèyàn ń bèèrè: kó máa yàn fúnra ẹ̀, kó rí i pé òun tó iṣẹ́ náà ṣe, kó sì ní àwọn tó gbà á mọ́ra.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà mo gba 41 nínú tẹ́ẹ̀sì kan. Tẹ́lẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ àpò ni mò ń kì í bọ̀, n kì í wò ó mọ́ láéláé. Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ọ̀rẹ́ mi yẹn, a wá ibi tí mo ti ṣìnà láìnì láìnì, ibì kan náà ni mo ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn mí, àmọ́ kò sọ mí di ẹni tí ò já mọ́ nǹkan kan.

Mo padà lọ bá àbúrò mi. Mo ní gáàsì yẹn ti yòrò sínú omi, òun ni ò jẹ́ kó o rí i, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà nínú ìgò ló sì dì í mú síbẹ̀. Bó o ṣe ṣí i, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn já wálẹ̀, gáàsì wá ń jáde látinú omi láti fi dí àlàfo yẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé ìyẹn ni pé tí mo bá tètè dé e padà, ó máa dúró?” Títí dòní n kì í ṣí ìwé kẹ́mísìrì láti fi gbádùn ara mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi mí yẹn, a jọ dé ìgò náà, a sì jókòó tì í láti wò ó ni.