Mílíọ̀nù mẹ́fà tó ṣẹ́kù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ àkáǹtì, iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Yàrá ìkàwé 30 la fẹ́ tún ṣe láyìíká Òmù-Àrán, mẹ́wàá lọ́dún kan. Mílíọ̀nù 2 náírà la dá lé yàrá kan, a sì gbà pé ọjà yóò máa fi ìdá 15 nínú 100 gbówó lórí lọ́dọọdún. Orí iye tuntun ni èlé ọdún kẹta ń gùn, nítorí náà báyìí ni mo ṣe kọ ọ́, nọ́ḿbà ọdún wà ní A2:

```
=10*2000000*1.15^(A2-1)
```

Ó fún wa ní mílíọ̀nù 20, 23 àti 26.45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69.45.

Nígbà tí ọdún kìíní parí, yàrá méje péré la tún ṣe. Òjò kò jẹ́ ká ṣí òrùlé mẹ́ta yòókù. A ná mílíọ̀nù 14, mílíọ̀nù 6 ṣẹ́kù, mo sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé a dín ìnáwó kù. Inú gbogbo wa dùn.

Lọ́dún kejì, yàrá 13 ló wà nílẹ̀, mílíọ̀nù 2.3 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyẹn jẹ́ 29.9. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni 23 pẹ̀lú 6, tó jẹ́ 29. Ẹgbẹ̀rún 900 náírà dín. Kò sẹ́ni tó jí i: páànù, sìmẹ́ǹtì àti owó káfíńtà ti fi ẹgbẹ̀rún 300 lé lórí yàrá kọ̀ọ̀kan tó sún síwájú.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan. Mo fi 6 kún ọdún kejì, ṣùgbọ́n mo fi ọdún kìíní sílẹ̀ ní 20. Àpapọ̀ wá di 75.45, owó kan náà ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kìíní gbọ́dọ̀ padà sí 14. Ẹgbẹ̀rún 900 náà sì gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀, ká lè bèèrè rẹ̀ nínú owó pàjáwìrì, tàbí ká dín iye yàrá kù ní gbangba.

Láti ìgbà náà, bí owó bá ṣẹ́ kù, mo máa ń bèèrè ohun tó fà á. Ṣé ọjà rọ̀ ju bá a ṣe rò lọ ni? Èrè nìyẹn lóòótọ́. Ṣé iṣẹ́ ti parí, tí kọ́ńtírákítọ̀ kò tíì mú ìwé owó rẹ̀ wá? Gbèsè ni. Ṣé iṣẹ́ ló sún? Ẹ gbé iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ sí ọdún tuntun, kí ẹ sì fi iye ọdún tuntun ṣírò rẹ̀.

Ẹ má retí Oṣù Kejìlá. Owó ìjọba tí a kò ná kì í sábà kọjá òpin ọdún láìsí àṣẹ, àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́ náà a sì máa fẹ́ kí a kọ̀wé bèèrè. Ní Oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń pe àwọn fọ́máànù, kí n bi wọ́n léèrè iye òrùlé tí wọn kò tíì ṣí.