Ímeèlì tí mo kọ sí àwọn olóúnjẹ kan

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ímeèlì sí bráńdì kékeré kan tó ń ta oúnjẹ inú páálí, pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe fídíò kan fún wọn, kí wọ́n sanwó ẹ̀. Fọ́lówà mi jẹ́ 18,000 o, àmọ́ iye yẹn kọ́ ni mo fi ṣáájú, ṣé gbogbo wọn ló ń wò ó ni? Mo to fídíò 11 tó gbẹ̀yìn láti orí èyí tí wọn ò wò púpọ̀ títí dé èyí tí wọ́n wò jù, mo wá mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an, 4,000 ni. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fò dé 60,000, tí n bá pò ó mọ́ àwọn tó kù kí n tó pín in, irọ́ ni mò ń pa fún wọn yẹn. Mo wá ní kí wọ́n san dọ́là 25 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 100, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá tún fẹ́ fi fídíò náà polówó lórí péèjì tiwọn fún oṣù kan, ó di 130.

Ọ̀gá wọn fèsì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè gba oúnjẹ dípò owó?" Mo ní mà, màá gba èyí tí màá jẹ nínú fídíò, owó iṣẹ́ yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn á rò ó wò.