Àádọ́ta náírà tí mo rò pé mò ń dín fún kásítọ́mà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí mo kọ ₦2,950 dípò ₦3,000 sórí mẹ́nù. Mò ń se ráìsì àti àmàlà ní Àgbowó n'Íbàdàn, ṣọ́ọ̀bù kékeré, tábìlì mẹ́fà péré. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ ló ń tà jù lọ́wọ́ mi, ₦3,000 ni mò ń tà á, tí mo bá yọ owó ọjà, gáàsì àti owó àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kúrò, ₦400 ló ń kù sí mi lọ́wọ́ lórí àwo kan, àwo 60 ló sì ń jáde lójúmọ́. Ìyẹn ₦24,000.

Àbúrò mi tó máa ń bá èèyàn ṣe mẹ́nù ló wá ní, "Àǹtí mi, ẹ kọ ọ́ ní ₦2,950 jàre." Ó ní nọ́ńbà iwájú lojú èèyàn kọ́kọ́ máa ń bà lé, tó bá ti rí 2, ọkàn ẹ̀ á ti gbà pé oúnjẹ ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ ni, kò tiẹ̀ ní fara balẹ̀ ka èyí tó kù. Irọ́ kọ́ o, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọjà ti dán an wò, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìgbà tí nọ́ńbà iwájú bá yí padà ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi ò mọ̀yẹn, mo kàn lọ gé ₦50 lórí gbogbo ẹ̀, àmàlà tó jẹ́ ₦3,500 mo sọ ọ́ di ₦3,450. Ẹ wò ó, 3 ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, 3 náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́nì kankan tó tìtorí ẹ̀ wọlé, mo kàn fowó tọrẹ lásán ni.

Àmọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn tà lóòótọ́, láti 60 ó di bí 66 lójúmọ́. Nígbà tóṣù parí mo ka owó, tí mo bá pín in sí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, èrè orí jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan ń lọ sí bí ₦24,350. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ra káàdì fún àbúrò mi.

Ìgbà tí mo wá jókòó ti kálíkúlétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ ò bára mu mọ́. ₦50 tí mo gé, inú ₦3,000 kọ́ ni mo ti gé e, inú ₦400 tó jẹ́ tèmi ni. Èrè mi ti di ₦350. 66 lọ́nà 350, ₦23,100 nìyẹn, mo ti pàdánù ₦900 lójúmọ́! Kí n tó lè rí ₦24,000 mi padà, àwo 69 ló yẹ kí n máa tà. Níbo wá ni ₦1,250 tó lé yẹn ti wá?

Mo pe ọmọ tó ń gbowó. Ó ní, "Mà, ṣéńjì náà ni." Àwọn tó ń ṣe tíránsífà, ₦2,950 géérégé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, àmọ́ àwọn tó bá mú kéèṣì wá, ₦3,000 ni wọ́n ń mú dání, ₦50 ò sì sí nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn kan á ní kó máa mú un lọ, àwọn kan á dúró títí á fi sú wọn. Èèyàn bíi 25 lójúmọ́. 25 lọ́nà 50, ₦1,250 nìyẹn. Èrè tí mò ń torí ẹ̀ jó, ṣéńjì oníṣéńjì ni. Mo kọ ₦2,950 sára ògiri, mo sì ń gba ₦3,000 lọ́wọ́ wọn.

Bàbá tíṣà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, ó máa ń wá jẹun lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí bàbá kọ́kọ́ rí mẹ́nù yẹn, ó kà á sókè ní Yorùbá, "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó dín àádọ́ta. Ìyá Tọ́míwá, ta lẹ fẹ́ fìyẹn tàn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ má bínú sà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó yé mi pé àwọn tó bá ń ka owó bí àwọn àgbà wa ṣe ń kà á, 3,000 yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè kí wọ́n tó yọ àádọ́ta kúrò, ọgbọ́n yẹn ò lè mú wọn. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kà á lédè òyìnbó ló ń mú.

Èyí tó wá ṣe mí láǹfààní láì parọ́ ni ti iye tí èèyàn bá kọ́kọ́ rí tàbí gbọ́. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa, ẹni tó bá pe aṣọ ní ₦20,000, ẹ yọwó títí, orí ₦20,000 yẹn náà lẹ ṣì ń sáré yí ká. Lọ́dún 1974 àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Tversky àti Kahneman, kọ ọ́ síwèé pé àwọn yí àgbá nọ́ńbà kan lójú àwọn èèyàn, àwọn sì ti ṣe é kó máa dúró sórí 10 tàbí 65, lẹ́yìn náà àwọn wá ń bi wọ́n pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló jẹ́ ti Áfíríkà (àwa náà ni wọ́n fi ń dánwò, ẹ ò rí nǹkan). Àwọn tó rí 10, ìdáhùn wọn ń lọ sí bíi 25, àwọn tó rí 65, ó ń lọ sí 45. Nọ́ńbà tí ò kan ọ̀rọ̀ rárá o.

Èmi náà wá gbé Àwo Ìdílé ₦18,500 sókè pátápátá lórí mẹ́nù, ráìsì àti ìlàjì adìyẹ ₦6,500 sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. ₦6,500 yẹn tí kì í ju mẹ́ta lọ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó di mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mi ò gé kọ́bọ̀ kan. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí bàálé ilé kan kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá, tó ní Àwo Ìdílé lòun fẹ́, ẹja odindi tí mo kọ síbẹ̀ ò sì sí ní fúrísà. Mo rán ọmọ gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, wọ́n jókòó fún wákàtí kan ó lé, ojú tì mí débi pé mi ò lè gbowó pé lọ́wọ́ wọn. Nísìnyí tẹ́ja ò bá sí, mo máa lẹ bébà bo ìlà yẹn láàárọ̀. Àbúrò mi tún fẹ́ kọ ₦8,000 kó fi ìlà pa á rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦6,500 yẹn. Mo ní rárá, mi ò tà á ní ₦8,000 rí láyé mi.

Ti pákì tá a fi ń di oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ ló kù. ₦300 ni, ìdí kọ́ńtà la ti ń dárúkọ ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bu oúnjẹ tán. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, abala 115, sọ pé ká kọ iye ọjà síta, ká má sì gbà ju iye tá a kọ lọ, tó bá sì jẹ́ iye méjì ló wà lára ẹ̀, èyí tó kéré ni oníbàárà máa san. Bó ṣe yé mi, ₦300 tí mi ò kọ síbi kankan yẹn ò bá a mu, ₦50 tí mò ń jẹ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ò sì bá a mu rárá.

Mo ti dá jọ̀lọ́ọ̀fù padà sí ₦3,000, owó pákì ti wà lórí mẹ́nù, lẹ́tà ẹ̀ tóbi bíi ti oúnjẹ. Àwo 61 là ń tà báyìí. Àmàlà padà di ₦3,500, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé.